Ìlera Àwọn Òbí Wa Nílé: Ìdí Tí Gbogbo Ẹgbẹ́ Fi Gbọ́dọ̀ Jùmọ̀ Wọlé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní àdúgbò Mọ́ọ̀sì Sáìdì, ní Mánṣẹ́sítà níbí, pè mí láti wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì wọn láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Ìwé adójútòfò ìlera ni, fún àwọn òbí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà nílé ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ wẹlifíà ni mo ń ṣe, nítorí náà wọ́n rò pé n ó lè túmọ̀ ìwé náà fún wọn. Ohun tí mo sọ níbẹ̀ ni mo tún tò síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí irú ìwé yìí wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Àpẹẹrẹ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Mo fi í dípò ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí mo ti gbọ́. Bàbá ẹni ọdún 71 kan wà ní Ìkìrun tí ìpá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọdún mẹ́ta. Nígbàkígbà tí ọmọ rẹ̀ bá pè é láti Mánṣẹ́sítà, “Ara le, ọmọ mi” ni ó máa ń wí, nítorí kò fẹ́ di ẹrù lé ọmọ lórí. Ní òru ọjọ́ kan, ìfun há sínú ìpá náà. Inú bàbá wú, ó ń bì, kò sì lè dúró. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí ẹbí kọ́kọ́ san owó kan sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Aago mẹ́ta òru ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ní náírà lọ́wọ́, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Kí owó tó pé, ilẹ̀ ti mọ́, apá kan nínú ìfun ti kú, iṣẹ́ abẹ tí ìbá jẹ́ kékeré sì ti di ńlá.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe owó ni ọmọ yìí kò ní. Àkókò ni kò ní. Bàbá pẹ̀lú kò ṣàìmọ̀ pé ìpá wà lára òun. Ohun tí kò ní ni ẹ̀tọ́ láti wọ ilé ìwòsàn láìkọ́kọ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun méjèèjì yìí ni ìwé adójútòfò ń rà fún wa. Àwọn àgbà ní ojúmọmọ ni a ti ń wá ewúrẹ́ dúdú, kí ilẹ̀ tó ṣú.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Mánṣẹ́sítà kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ilé ìwòsàn Páàkì tí ó wà ní Dáfíhúúmù, lẹ́bàá ìlú wa yìí, ni mínísítà ètò ìlera, Anáírìn Bẹ́fáànù, ti ṣí ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì tí gbogbo wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́fíìsì ni Bẹ́fáànù ti rí àwòṣe rẹ̀. Ní Tirẹ́dígà, ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Wélísì, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú àti àwọn tí ń rọ irin ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Pẹ́nì 3 nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń dá, ẹgbẹ́ sì ń fi í san owó dókítà àti ti ilé ìwòsàn fún wọn àti fún ìdílé wọn. Bẹ́fáànù ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ wọn rí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí ara rẹ̀ le náà ń dá pẹ́nì tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ náà ìbá ti túká.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ilé. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ adójútòfò kan tí ń jẹ́ Háíjíà bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera fún àwọn ará abúlé ní Ṣọ́ńgà, ní ìpínlẹ̀ Kwárà; ní ọdún 2009, ètò náà dé Àfọ̀n, láàárín àwọn Yorùbá tí ń gbé ní àyíká Ìlọrin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà àti owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni wọ́n ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Ohun tí ẹni tí ó wọlé ń san láti àpò ara rẹ̀ kéré púpọ̀, nǹkan bí náírà 300 lọ́dún. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará abúlé ní ọdún 2009, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n ní ọdún 2011. Láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga, nọ́mbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 10 níbi tí ètò wà. Níbi tí ètò kò sí, ìdajì ìyẹn péré ni ó lọ sílẹ̀.

Èyí ni ó yẹ kí ọmọ tí ó wà lókè òkun fi sọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni títí ọjọ́ tí yóò fi gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Kò sí bàbá tí yóò pe ọmọ rẹ̀ ní òru nítorí pé ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ 170. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kò lè kan àìsàn irú èyí, nítorí kò sí ẹni tí yóò béèrè owó náà. Ẹni tí a ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí yóò gba oògùn, tí yóò sì padà lọ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

ÌDÍ TÍ ENÌ KAN KÒ FI GBỌDỌ̀ DÚRÓ LÓDE

Nínú ìpàdé náà, arákùnrin kan dìde. Ó ní, “Ara bàbá mi le koko. Kí àwọn tí òbí wọn ń ṣàìsàn kọ́kọ́ wọlé, èmi yóò wọlé bí ó bá yá.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń pa irú ètò yìí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, mo sì ṣe ìṣirò kan fún wọn. Iye inú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo ṣe kí ó lè rọrùn láti kà. Kì í ṣe iye tí iléeṣẹ́ kankan ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ 50 forúkọ òbí méjì méjì sílẹ̀. Òbí 100 nìyẹn. Bí a bá san náírà 40,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, owó náà di mílíọ̀nù 4. Láàárín ọdún, ẹni 12 nínú wọn dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ná 200,000. Mílíọ̀nù 2 àti 400,000 nìyẹn. Ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyẹ̀wò àwọn yòókù gba mílíọ̀nù 1. Iṣẹ́ ọ́fíìsì iléeṣẹ́ gba 400,000. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 3 àti 800,000 lọ. Owó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí arákùnrin wa ṣe wí. Òbí 20 tí ara wọn kò le nìkan ni a forúkọ wọn sílẹ̀. Nínú ẹni 12 tí yóò dùbúlẹ̀, 10 ti wà láàárín wọn. Mílíọ̀nù 2 ni ti wọn. Ẹ fi 300,000 kún un fún oògùn àti àyẹ̀wò, kí ẹ fi 200,000 kún un fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí a bá pín mílíọ̀nù 2 àti 500,000 sí ọ̀nà 20, 125,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́jọ tí àìsàn wọn kò le jù yóò ní owó yìí ti pọ̀ jù, wọn yóò sì jáde. Ó ku 12. Ìnáwó wọn yóò jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2 àti 400,000, èyí tí í ṣe 200,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará, 200,000 gan-an ni owó tí ilé ìwòsàn fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Adójútòfò ti tán; orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Nítorí náà ni ìwé náà fi sọ pé ó kéré tán, ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ìfipá-múni. Nígbà tí àwọn tí ara wọn le bá wà nínú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó lè gba àgbà ẹni ọdún 70 wọlé ní iye tí àpò gbà.

OHUN TÍ ÌWÉ ÀDÉHÙN Ń WÍ

Mo wá mú àwọn ẹsẹ̀ ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni àkókò ìdúró. Láti ọjọ́ tí a bá sanwó, 60 ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí òbí tó lè lo káàdì rẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, gbogbo wa ni yóò dúró títí àìsàn yóò fi dé kí a tó sáré lọ forúkọ sílẹ̀, ìṣirò tí mo ṣe lókè yóò sì ṣẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé kí a sanwó nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí ọdún rẹ̀ parí láìsan tuntun yóò tún bẹ̀rẹ̀ 60 ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí akápò máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù nínú owó ìpamọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbàgbé ẹnì kan ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀.

Èkejì ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Òbí kọ̀ọ̀kan yóò yan ilé ìwòsàn kan, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ máa lọ. Lóṣooṣù ni iléeṣẹ́ ń san iye kan fún ilé ìwòsàn náà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, yálà aláìsàn wá tàbí kò wá. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé ìdarí sí ilé ìwòsàn ńlá, wọn yóò sì gba nọ́mbà ìyọ̀ǹda láti ọ́fíìsì iléeṣẹ́. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fúnra rẹ̀ láìsí nọ́mbà yìí ni yóò san owó ara rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì. Nítorí náà, ẹ má ṣe yan ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ dún ní Ìbàdàn fún ìyá tí ń gbé ní Ìsẹ́yìn. Èyí tí ó lè fi ọ̀kadà dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ yàn.

Ẹ̀kẹta ni oògùn. Òbí yóò san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ṣe nínú ètò tiwọn. Bí oògùn bá jẹ́ náírà 6,000, 600 ni tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ ka ẹsẹ̀ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ètò Kwárà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò san owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ó nílò oògùn líle tàbí ìtànṣán, kò san owó ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ra awò ojú. Ìwé tiwa náà kò yàtọ̀. Ó tún fi òpin sí iye tí yóò ná lórí iṣẹ́ abẹ lọ́dún kan. Náírà ni a fi kọ òpin náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ ohun tí ojú náírà ti rí. Iye tí ó tó lónìí lè má tó lọ́dún tí ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tú àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn ká nítorí pé adójútòfò dé. Adójútòfò ni yóò gba ìpá, ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àpò ẹgbẹ́ ni yóò dúró de èyí tí adójútòfò kọ̀.

Obìnrin kan béèrè bóyá káàdì náà yóò ṣiṣẹ́ bí ìyá òun bá wá kí i ní Mánṣẹ́sítà. Rárá o. Nàìjíríà nìkan ni ó mọ. Àlejò tí wọ́n bá sì dá dúró sí ilé ìwòsàn ìjọba níhìn-ín, wọ́n lè bu owó fún un ní ìlọ́po kan ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń náni. Ẹ ra adójútòfò ìrìn-àjò fún un lọ́tọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

BÍ Ó ṢE MÁA Ń BÀJẸ́, ÀTI BÍ A ṢE LÈ TÈTÈ MỌ̀

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni orúkọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Ìyá Délé, orúkọ ọkọ ni ó wà nínú ìwé báńkì, orúkọ mìíràn sì ni ó wà lára nọ́mbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó bá dé ilé ìwòsàn, akọ̀wé yóò yẹ ìwé wò, yóò ní, “Màmá, ẹ kò sí nínú ìwé wa.” Kí ẹ tó fi orúkọ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé ka ohun tí ó wà lára nọ́mbà ìdánimọ̀ náà fún yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì le díẹ̀. Níwọ̀n bí ilé ìwòsàn ti ń gba owó lóṣooṣù yálà ó tọ́jú ènìyàn tàbí kò tọ́jú rẹ̀, àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ rí alákáàdì. Ẹ ó mọ̀ wọ́n: ìgbà gbogbo ni oògùn máa ń tán fún alákáàdì, tí wọn yóò ní kí ó lọ rà á níta, tàbí kí wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san owó káàdì mìíràn. Ìdánwò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí 60 ọjọ́ bá pé, ẹ rán bàbá tàbí ìyá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ara rẹ̀ ṣì le. Bí wọ́n bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó dára. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ ti mọ̀ ní ojúmọmọ, ẹ sì lè sọ fún iléeṣẹ́ kí wọ́n yí ilé ìwòsàn náà padà. Ẹ ní kí ó máa tọ́jú gbogbo ìwé owó tí ó bá san.

Kí a tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ìbéèrè méjì ni kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ránṣẹ́, kí ó sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ. Ǹjẹ́ iléeṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ Àjọ Adójútòfò Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà? Ọdún mélòó ni ó kọ̀ láti gba àgbà wọlé? Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni mìíràn kì í fẹ́ gba ẹni tí ó ti dàgbà jù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yíjú sí àjọ adójútòfò ti ìpínlẹ̀ tí òbí ń gbé. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè náà wà nínú adójútòfò ìlera, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́.

Kí ìpàdé tó parí, bàbá kan tí ó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òbí òun méjèèjì ti sùn, kí ni òun yóò wá máa sanwó fún? Kí n tó dáhùn, obìnrin tí ó jókòó tì í bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó tọ́ yín dàgbà ní Ẹdẹ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà kan ni, àbúrò ìyá òun, ó ṣì wà láàyè. Akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ yẹn, ẹni 31 nínú 46 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Kò tíì tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin. Ó ku ẹni mẹ́rin. Arákùnrin tí ara bàbá rẹ̀ le koko kò tíì fọwọ́ sí i nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó dúró níwájú pátákó, tí ó ń fi ìka tọ ìṣirò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.